Àfikún Àkókò fún Fàrídà

Nígbà tí Sọ̀fíyátù wọ ọ́fíìsì Ọ̀gbẹ́ni Adébánjí, ìwé ìdánwò ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí lórí tábìlì. Ojú ewé àkọ́kọ́ kún. Èkejì kún dé ìdajì. Ìyókù funfun báláú.

"Ẹ jókòó, mà," ni Adébánjí wí. Òun ló ń bójú tó ètò ìdánwò ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni náà ní Mòwé, níbi tí àwọn ọmọ ti ń ṣe ìdánwò Ìlú Ọba pẹ̀lú ti ilé wa níhìn-ín. "Ìdánwò àṣedánrawò ti bàọ́lọ́jì nìyí. Ìbéèrè mẹ́wàá ni. Fàrídà dáhùn márùn-ún."

"Ọ̀lẹ ni," ni Sọ̀fíyátù wí kíá. Ó ti sọ ọ́ rí níwájú tíṣà mìíràn. Ó sàn kí wọ́n pe ọmọ ẹni ní ọ̀lẹ ju kí wọ́n pè é ní olódo lọ.

"Ọ̀lẹ kọ́, mà. Gbogbo márààrún ló gbà. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó ń kọ ọ́. Ètè rẹ̀ ń mì. Ó ń ka ìbéèrè kan ní àkàtúnkà kó tó mú bírò. Nígbà tí a lu agogo, orí ìbéèrè kẹfà ló wà."

Sọ̀fíyátù mọ̀. Láti ìgbà tí Fàrídà ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ló ti mọ̀. Ọmọ tó lè dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù bàbá rẹ̀ ní Ìbàfò, kí oníbàárà sọ iye yàrá tó fẹ́ kọ́ fún un, kó sì sọ iye búlọ́ọ̀kù tí yóò gbà láìmú bírò. Ọmọ yẹn náà ló máa ń wo àkọlé ara páálí mílíìkì bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀nà nínú kùrukùru. Sọ̀fíyátù ló máa ń ka nóòtì fún un sókè, Fàrídà á sì há a sórí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gun àtẹ̀gùn ilé-ẹ̀kọ́ láti kíláàsì dé kíláàsì, ìyá ń kà, ọmọ ń há a. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ka ìbéèrè sí ọmọ létí nínú gbọ̀ngàn ìdánwò.

"Ó ní orúkọ tí wọ́n ń pè é," ni Adébánjí wí. "Dìsílẹ́síà. Kì í ṣe àìsàn ojú, kì í sì í ṣe àìgbọ́n. Ọ̀nà tí ọpọlọ fi ń so lẹ́tà pọ̀ mọ́ ìró ló ń lọ́ra. Bí mo bá rò ó dáadáa, òun ni. Ṣùgbọ́n ìrò mi kò tó. Àjọ tó ni ìdánwò yìí ní ètò fún irú wọn. Wọ́n lè fi ìdá kan nínú mẹ́rin kún àkókò rẹ̀. Ìdánwò wákàtí méjì á di wákàtí méjì àbọ̀."

"Wọ́n á tún dín ìbéèrè kù fún un?"

"Rárá o. Ìbéèrè kan náà, máàkì kan náà. Àkókò nìkan. Kò sí ẹni tó máa sọ fún un pé báyìí ni ìdáhùn."

"Ẹ bá mi kọ̀wé sí wọn lónìí nígbà náà, sà. Ẹ jọ̀ọ́."

Adébánjí rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Èmi náà ni mo máa kọ ọ́, torí òbí kì í kọ ọ́ fúnra rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ ló ń bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ. Ṣùgbọ́n wọn ò ní gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Wọ́n máa bèèrè ẹ̀rí. Wọ́n sì ní ọjọ́ tí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn. Bí a bá pẹ́, ó di ọdún tó ń bọ̀."

Ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀ náà ni Sọ̀fíyátù gbé wọ ọkọ̀ padà sí Ìbàfò. Kò dúró gbọ́ ìyókù dáadáa. Ní tirẹ̀, ẹ̀rí àìlera kò jìnnà: dókítà ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kan ní Ifọ̀, Sọ̀fíyátù sì mú ọmọ lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Dókítà yẹ ojú Fàrídà wò, ó yẹ etí rẹ̀ wò, ó bi í ní ìbéèrè, ó sì kọ lẹ́tà tó mọ́, pẹ̀lú òǹtẹ̀.

Adébánjí ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Lẹ́tà yìí dára, mà. Ó wúlò, torí ó sọ pé ojú rẹ̀ ríran, etí rẹ̀ sì gbọ́ràn. A ti yọ ìyẹn kúrò. Ṣùgbọ́n kò tó."

"Dókítà ló kọ ọ́ o!"

"Mo rí i. Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ yín ṣàlàyé. Bí oníbàárà bá wá sọ́dọ̀ Bàbá Fàrídà, tó ní ògiri òun gùn gan-an, ṣé wọ́n á kó búlọ́ọ̀kù fún un?"

"Wọ́n á ní kó lọ wọ̀n ọ́n wá."

"Ẹn-ẹ́n. Dókítà sọ pé ògiri gùn. Kò wọ̀n ọ́n. Ẹni tó ń wọ̀n ọ́n ni onímọ̀ nípa ọpọlọ àti ẹ̀kọ́, tàbí tíṣà tó gba ìwé ẹ̀rí pàtàkì lórí rẹ̀. Wọ́n ní ìdánwò tí wọ́n ti fi wọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ, wọ́n mọ ibi tí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún yẹ kó wà. Ọgọ́rùn-ún ni àárín. Bí ìyára ìkàwé rẹ̀ bá bọ́ sí abẹ́ márùndínláàádọ́rùn-ún, ọ̀rọ̀ ti yé wọn nìyẹn. Ìwọ̀n náà kò gbọdọ̀ ti pẹ́ jù. Èyí tí wọ́n bá ṣe nígbà tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọn ò ní wò ó."

Ó ní òun mọ obìnrin kan ní Ìbàdàn, Dókítà Ọ̀ṣuntóyìn, tó máa ń rin ọ̀nà márosẹ̀ wá sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ agbègbè náà. Yóò wá ní ọ̀sẹ̀ kejì. Lẹ́yìn èyí, ọjọ́ ìparí fún ìwé ẹ̀bẹ̀ kò ní jìnnà mọ́. Kò ní sí àyè fún ìwọ̀n ẹlẹ́ẹ̀kejì.

"Kí ló yẹ kí a kọ́ ọ kó tó dé?" ni Sọ̀fíyátù bèèrè.

"Ẹ má kọ́ ọ ní nǹkan kan, mà. Kó sùn dáadáa, kó jẹun."

Sọ̀fíyátù gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ta ni ìyá tó gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀ wá dán ọmọ òun wò, tó ní kó lọ sùn?

* * *

Mùsáfírù ni tíṣà tó máa ń kọ́ Fàrídà ní lẹ́sìnnì nílé lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀dọ́kùnrin tó yá lẹ́nu ni, ó ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ ń ṣòro fún ní Èkó. Nígbà tó gbọ́ orúkọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, ó fi ọwọ́ lu itan.

"Ìyá Fàrídà, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo mọ ìdánwò yẹn. Ó ní ìwé ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń ní kí ọmọ kà. Mo ní fọ́tòkọ́pì rẹ̀ nílé."

"Pàsíkùẹ́sìn?"

"Ó ju pàsíkùẹ́sìn lọ, mà. Òun gan-an ni."

Ó mú un wá lọ́jọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lásán ni, wọ́n tò ó láti orí èyí tó rọrùn sí èyí tó le koko. Sọ̀fíyátù jókòó ti ọmọ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, ó ń ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, Fàrídà ń tún un pè.

Sàhéèdì, ọkọ rẹ̀, ti ibi ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù bọ̀ pẹ̀lú eruku sìmẹ́ǹtì lára. Ó dúró wò wọ́n.

"Ìyá Fàrídà, ṣé tíṣà ò ní kí ẹ má kọ́ ọ ní nǹkan? Mo rò pé wọ́n ní wọ́n kàn fẹ́ wọ̀n ọ́n."

"Bàbá Fàrídà, ohun gbogbo tí wọ́n bá fi pẹ́ńsùlù ṣe, ìdánwò ni. Ẹ fẹ́ kí wọ́n lọ kọ ọ́ sínú ìwé ní Ìlú Ọba pé ọmọ wa ò mọ ìwé kà?"

"Ṣé kì í ṣe ohun tí a fẹ́ kí wọ́n kọ nìyẹn?"

"Kí wọ́n kọ pé àkókò ni kò tó o! Kí wọ́n má kọ pé ó yọ̀dẹ̀."

Sàhéèdì mi orí, ó lọ wẹ̀. Fàrídà fi ìka sórí ìwé náà. "Mọ́mì, tí mo bá ka gbogbo rẹ̀, ṣé wọn ò ní sọ pé kò sí nǹkan tó ń ṣe mí?"

"Wọ́n á sọ pé o gbìyànjú. Ó yá, láti òkè."

Fàrídà kò jiyàn mọ́. Kí ó tó di ọjọ́ ìwọ̀n, ó lè ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ojú dídì.

* * *

Láíbìrì ilé-ẹ̀kọ́ ni Dókítà Ọ̀ṣuntóyìn ti gba Fàrídà. Obìnrin kúkúrú tí ohùn rẹ̀ ń lọ jẹ́jẹ́ ni. Ó gbé àpótí kan sórí tábìlì, aago ọwọ́ fún ìwọ̀n àkókò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní kí ìyá jókòó síta. Sọ̀fíyátù jókòó sórí bẹ́ǹṣì nísàlẹ̀ fèrèsé lúfà. Adébánjí wá bá a níbẹ̀, òun náà kò lè jókòó sí ọ́fíìsì.

Wọ́n ń gbọ́ ohun tó ń lọ. Wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ìró igi pélébé-pélébé lórí tábìlì: Fàrídà ń to àwòrán pọ̀. Ohùn obìnrin náà sọ pé, "O yá gan-an o." Ọkàn Sọ̀fíyátù fúyẹ́. Lẹ́yìn náà, nọ́ńbà ni. Kí ó máa sọ wọ́n padà láti ẹ̀yìn wá. Fàrídà kọsẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀. Sọ̀fíyátù di etí bẹ́ǹṣì mú.

Lẹ́yìn náà ni ó gbọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lórí ìwé Mùsáfírù. Òun gan-an ni. Fàrídà ń kà á bí òjò tó ń rọ̀ lórí páànù, kò dúró, kò kọsẹ̀, ó dé ibi tó le jù, ó kọjá rẹ̀.

"Alhamdulilahi," ni Sọ̀fíyátù sọ sábẹ́ ahọ́n.

Ó pẹ́ kí ohùn jẹ́jẹ́ náà tó padà wá. "O ṣeun, Fàrídà. Nísinsìnyí, kà á fún mi láti ìsàlẹ̀ lọ sókè."

Wọ́n gbọ́ tí ìka ń fà lórí ìwé.

"Má kánjú. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn."

Fàrídà sọ ìró kan. Ó dúró. Ó sọ òmíràn. Ohun tó jáde kì í ṣe ọ̀rọ̀ kankan. Lẹ́yìn náà, Sọ̀fíyátù gbọ́ tí àga fà sẹ́yìn, tí ilẹ̀kùn sì ṣí.

"Ìyá Fàrídà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé. Ọ̀gbẹ́ni Adébánjí, ẹ̀yin náà."

Fàrídà jókòó, ó tẹjú mọ́ ilẹ̀. Dókítà Ọ̀ṣuntóyìn kò bínú. Ìyẹn ló tún ba Sọ̀fíyátù lẹ́rù jù.

"Mà, ọmọ yín ka ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa ń kọsẹ̀ lórí rẹ̀. Ojú rẹ̀ ò sì kúrò lójú fèrèsé. Nígbà tí mo ní kó kà á láti ìsàlẹ̀, kò lè ka ọ̀kan. Bí mo bá kọ nọ́ńbà àkọ́kọ́ sínú ìwé, ohun tí ìwé mi máa sọ ni pé kò nílò àkókò kankan, ó mọ ìwé kà ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àjọ ìdánwò á sì sọ pé ẹ kú iṣẹ́, ó dàbọ̀. Bí mo bá fojú fo nọ́ńbà yẹn láìsọ ìdí rẹ̀, irọ́ ni mo pa. Nítorí náà, mo fẹ́ kí ẹnì kan sọ fún mi."

Sọ̀fíyátù wo Adébánjí. Ojú rẹ̀ ti le. Òun ni yóò fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀. Orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá rí èrú nínú rẹ̀, kì í ṣe Fàrídà nìkan ni yóò jìyà. Gbogbo ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò níbẹ̀ ni. Sọ̀fíyátù wo ọmọ rẹ̀. Fàrídà kò ní sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ní kó dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní dárúkọ ìyá rẹ̀.

Sọ̀fíyátù kúnlẹ̀. "Èmi ni, mà. Mo rí ìwé náà gbà. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ẹ má fi jẹ ẹ́ níyà. Mo rò pé bí ó bá gbà á ni wọ́n máa ràn án lọ́wọ́."

"Ẹ dìde, mà, ẹ jọ̀ọ́. Ta ló fún yín ní ìwé náà?"

"Tíṣà lẹ́sìnnì rẹ̀."

"Mo fẹ́ kí ẹ gba fọ́tòkọ́pì yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ìwé ọ̀hún kò ṣeé tà lọ́jà. Bí ó bá tàn káàkiri, gbogbo ọmọ tó bá rí i, ìwọ̀n wọn ti bàjẹ́." Ó yíjú sí Fàrídà. "Ìwọ ọ̀rẹ́ mi, ibi tí o há gbogbo èyí sí tóbi o. Èmi ò lè há ìdá kan nínú rẹ̀."

Fàrídà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

"Ṣé ó ti parí nìyí?" ni Adébánjí bèèrè. Ohùn rẹ̀ gbẹ. "Kò sí ọjọ́ mìíràn, Dókítà."

"Àwọn tó ṣe ìdánwò yìí kì í ṣe ọmọdé. Wọ́n mọ̀ pé ó lè pọn dandan láti wọn ọmọ kan lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà wọ́n ṣe é ní oríṣi méjì. Ìwọ̀n méjèèjì dọ́gba, ọ̀rọ̀ inú wọn ló yàtọ̀." Ó yọ ìwé mìíràn nínú àpótí. "Mo sì ní ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè kankan, àwọn tí a kàn fi lẹ́tà hun. Kò sí ẹni tó lè há ìyẹn sórí, torí kò gbọ́ ọ rí. Ṣùgbọ́n mo máa kọ ọ́ sínú ìwé mi pé a kò ka oríṣi àkọ́kọ́, màá sì sọ ìdí."

"Ẹ máa kọ ọ́?" ni Sọ̀fíyátù bèèrè. "Wọn ò ní torí ẹ̀ sọ pé oníjìbìtì ni wá?"

"Mi ò lè mọ ohun tí wọ́n máa sọ, mà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí mi ò bá kọ ọ́, ìwé mi ò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni."

Sọ̀fíyátù padà sórí bẹ́ǹṣì. Ohun tó tẹ̀ lé e ló le jù nínú gbogbo rẹ̀. Ó ń gbọ́ ọmọ rẹ̀ tó ń kọsẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré, ọ̀rọ̀ tí ọmọ kíláàsì ìsàlẹ̀ máa kà, Fàrídà á gbá a mú láti iwájú, á gbá a mú láti ẹ̀yìn, á sì já a sílẹ̀. Nígbà tó di àyọkà, ó ń kà á bí ẹni tó ń rìn lórí òkúta nínú odò. Òun tó ti ń ka ìwé fún ọmọ yìí láti kékeré, ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti fẹ́ pè é láti ojú fèrèsé. Ó fi ìṣẹ́tí ìborùn rẹ̀ sẹ́nu, ó sì fi eyín dì í mú. Kí Fàrídà kọsẹ̀. Àṣìṣe kọ̀ọ̀kan tí etí rẹ̀ ń gbọ́ ni yóò ràn án lọ́wọ́.

"Ó ń ṣe dáadáa," ni Adébánjí sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ. "Mo túmọ̀ sí pé... ẹ mọ ohun tí mo túmọ̀ sí, mà."

* * *

Ìwé Dókítà Ọ̀ṣuntóyìn dé. Níbi ìrònú àti àwòrán títò, Fàrídà ga ju ọgọ́rùn-ún lọ dáadáa. Níbi ìyára ìkàwé, mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ni dókítà fi ṣàlàyé gbogbo nǹkan. Ó sì kọ ti fọ́tòkọ́pì síbẹ̀, ní gbólóhùn mẹ́ta tí kò bú ẹnikẹ́ni.

"Ó ku ìdajì kejì," ni Adébánjí wí. "Àjọ náà máa bèèrè pé: ṣé bó ṣe máa ń ṣiṣẹ́ ní kíláàsì nìyí? Wọn ò fẹ́ kí ọmọ ṣàdédé gba àkókò lọ́jọ́ ìdánwò, kó má mọ ohun tó máa fi ṣe. Láti ìsinsìnyí lọ, nínú gbogbo tẹ́ẹ̀sì, bírò búlúù ni yóò fi kọ̀wé títí àkókò ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi pé. Lẹ́yìn náà, bírò dúdú. Ẹnikẹ́ni tó bá wo ìwé náà á rí ohun tí àfikún àkókò ṣe fún un."

Ó dára létí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kíláàsì ní ojú. Ní tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́, nígbà tí gbogbo wọn fi ìwé sílẹ̀ tí Fàrídà sì mú bírò dúdú, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Máyọ̀kún fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Áà, Fàrídà Jára! Oníṣòwò, ẹ bu jára sí i fún un o!"

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ní tẹ́ẹ̀sì kejì, nígbà tí agogo lù, Fàrídà fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù, ó sì jáde. Kò sí dúdú kankan nínú rẹ̀.

Adébánjí fóònù Ìbàfò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. "Mà, bí ó bá ń jáde bẹ́ẹ̀, kí ni mo fẹ́ kọ? Mi ò lè kọ pé bó ṣe máa ń ṣiṣẹ́ nìyí nígbà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Sọ̀fíyátù pe ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ tó pọ̀, èébú sì wà nínú wọn, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú Fàrídà, kò lè sọ ọ̀kan. Sàhéèdì tó ń bomi rin búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tẹ̀ láàárọ̀ ló sọ̀rọ̀, láìgbójú sókè.

"Ta ló ní jára ni?"

"Máyọ̀kún, Dádì."

"Bàbá ẹ̀ ni mo ta búlọ́ọ̀kù fún lọ́jọ́sí. Ó ní kí n kó o fún òun nígbà tí kò tíì gbẹ tán, òjò sì ń rọ̀. Mo ní rárá, kó dúró. Ó ní ṣé mò ń sàba lé búlọ́ọ̀kù bí ẹyin ni. Mo bi í pé ṣé o fẹ́ búlọ́ọ̀kù àbí o fẹ́ iyanrìn? Ó dúró." Ó da omi síwájú. "Tí mo bá fi búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ kó gbẹ, ṣé jára ni mo fún un?"

"Búlọ́ọ̀kù ò ní ọ̀rẹ́ tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, Dádì."

Sàhéèdì rẹ́rìn-ín títí garawa fi mì lọ́wọ́ rẹ̀. "Òótọ́ ni. Ìyẹn o, mi ò ní ìdáhùn rẹ̀."

Sọ̀fíyátù ló wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré. "Fàrídà. Èmi ló kọ́ ẹ bí a ṣe ń fi í pamọ́. Láti kékeré. Mo rò pé mò ń bò ọ́ ni. Má fi pamọ́ mọ́ nítorí tèmi. Tí wọ́n bá ní jára, sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, jára ni, kí o máa kọ̀wé lọ."

Ní tẹ́ẹ̀sì kẹta, Máyọ̀kún tún sọ ọ́. Fàrídà na bírò dúdú sókè, ó ní, "Jára ni. Ṣé o fẹ́? Lọ ka ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè kankan ná." Kò yé Máyọ̀kún. Kíláàsì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, Fàrídà kọ́ ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní tẹ́ẹ̀sì yìí, ìdajì ojú ewé dúdú ló wà lẹ́yìn búlúù, ìdáhùn inú rẹ̀ sì pọ̀.

Adébánjí kó ohun gbogbo pọ̀: ìwé dókítà Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ àwọn tíṣà, àwọn tẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ méjì. Ó fọwọ́ sí i, ó fi ránṣẹ́ kí ọjọ́ tó pé. Lẹ́yìn náà, ìdúró bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí fóònù bá dún, Sọ̀fíyátù á fi ohun tó wà lọ́wọ́ sílẹ̀. Gbólóhùn mẹ́ta dókítà ń yí lọ́kàn rẹ̀. Nígbà kan, ó rò pé wọn ì bá má kọ ọ́. Nígbà mìíràn, ó rò pé bí wọn kò bá kọ ọ́, òun kì bá lè sùn rárá.

Nígbà tí Adébánjí fóònù níkẹyìn, kò kí i. "Wọ́n gbà á, mà. Ìdá kan nínú mẹ́rin, nínú gbogbo ìdánwò tó jẹ́ kíkọ. Wọn ò sọ nǹkan kan lórí ọ̀rọ̀ fọ́tòkọ́pì."

Sọ̀fíyátù jókòó sórí àpò sìmẹ́ǹtì.

* * *

Ní ọjọ́ ìdánwò bàọ́lọ́jì, ó wá sí Mòwé bó tilẹ̀ jẹ́ pé Fàrídà ti ní kó má wá. Ó dúró lábẹ́ igi níwájú gbọ̀ngàn. Agogo lù. Àwọn ọmọ tú jáde, ariwo wọn gba gbogbo ọgbà. Ó ń wá ojú ọmọ rẹ̀ láàárín wọn nínú ìbẹ̀rù àtijọ́ kó tó rántí pé kò tíì yẹ kí Fàrídà wà láàárín wọn.

Máyọ̀kún dọ̀bálẹ̀ kí i. "Ẹ káàsán, mà. Ó ṣì wà nínú gbọ̀ngàn."

"Ṣé ó ń kọ̀wé àbí ó kàn ń wò?"

"Ó ń kọ̀wé, mà. Kò tiẹ̀ gbójú sókè nígbà tí a ń jáde."

Ọgbà tún dákẹ́. Sọ̀fíyátù ń rìn lọ rìn bọ̀ lábẹ́ igi títí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn fi ṣí lẹ́ẹ̀kejì, tí Fàrídà nìkan jáde, bírò lọ́wọ́, ìlà yíǹkì lẹ́rẹ̀kẹ́.

"O parí ẹ̀?"

"Mo dé ojú ewé tó kẹ́yìn, Mọ́mì."

"Gbogbo ẹ̀ lo dáhùn?"

"Ó ku ọ̀kan. Mo kà á dáadáa, ó yé mi ohun tí wọ́n ń bèèrè. Mi ò kàn mọ̀ ọ́n ni." Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ẹnì kan fún ní nǹkan. "Mọ́mì, mi ò mọ̀ ọ́n rárá!"